Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń dín ọ̀rá kù ni purotéènì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ jù?

Ṣé o mọ̀ pé bí ọkùnrin méjì bá wọn kílò kan náà, tí ọ̀kan ń gbé irin kí apá àti itan rẹ̀ lè tóbi, tí èkejì ń dín oúnjẹ kù kí ikùn rẹ̀ lè wọlé, ẹni tó ń dín oúnjẹ kù gan-an ni purotéènì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ jù? Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ taagun ni wọ́n ń bu ẹran fún, ẹni tó fẹ́ jò á sì gbájú mọ́ ewébẹ̀ àti omi.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí oúnjẹ bá tó ara, àmàlà, ìrẹsì àti epo ni ara ń sun fún agbára, purotéènì á wá ráyè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn títún iṣan ṣe. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá dín, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sun lára purotéènì pẹ̀lú. Ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ṣúgà fún ọpọlọ. Bí èyí tó ti inú àwo wọlé kò bá tó, ara á lọ mú nínú iṣan itan àti apá.

Ṣé o mọ̀ pé inú ìtọ̀ ni wọ́n ti rí ìwọ̀n tí àwọn olùkọ́ ìlera sábà máa ń pè, ìyẹn gíráàmù 0.8 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́? Náítírójìn wà nínú purotéènì, nǹkan bíi ìdá 16 nínú 100. Àwọn onímọ̀ wọn náítírójìn tó wọlé nínú oúnjẹ, wọ́n sì wọn èyí tó jáde, pàápàá nínú ìtọ̀, títí wọ́n fi rí ibi tí méjèèjì ti dọ́gba. Nítorí náà, 0.8 jẹ́ ìwọ̀n tí kò ní jẹ́ kí àìtó purotéènì bá ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kì í gbé irin, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì dín. Kò sí ẹni tó fi kọ́ iṣan nínú àyẹ̀wò náà.

Fún ẹni tó ń kọ́ iṣan, iṣẹ́ tí Robert Morton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 ni mo gbà pé ó yẹ ká fi ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n kó àyẹ̀wò 49 jọ, èyí tí ó lé ní 1,800 ènìyàn kópa nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí purotéènì ṣe ń pọ̀ ni iṣan ń pọ̀, títí ó fi dé nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kan. Lẹ́yìn ibẹ̀, àfikún kò fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá mọ́. Èsì náà kò dọ́gba fún gbogbo ènìyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gòkè dé 2.2 kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Wo ohun tí èyí jẹ́ nínú àwo. Ọkùnrin tó wọn kílò 70 nílò 70 lọ́nà 1.6, ìyẹn gíráàmù 112. Bí ó bá jẹ ẹyin mẹ́ta àti ẹ̀wà sísè gíráàmù 150 láàárọ̀, ó ti rí bíi 30. Ẹja sísè gíráàmù 100 pẹ̀lú àmàlà àti ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án á fún un ní nǹkan bíi 28. Ẹran àyà adìẹ sísè gíráàmù 100 lẹ́yìn irin gbígbé, 30. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 200 àti ẹja gíráàmù 50 lálẹ́, 28. Ó parí. Kò sí ìyẹ̀fun purotéènì inú agolo níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé gíráàmù ẹran ni gíráàmù purotéènì. Ẹran adìẹ gíráàmù 100 kì í ṣe purotéènì 100, bíi 30 ni. Tútù àti sísè náà kì í ṣe ọ̀kan: ẹran á súnkì tí omi rẹ̀ bá jáde lórí iná, ẹ̀wà á sì wú nítorí omi tó fà mu. Mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kí o sì máa fi í wọn ní gbogbo ìgbà.

Ní ti ẹni tó ń dín ọ̀rá kù, ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin 40 tí ara wọn ti sanra, wọ́n gé oúnjẹ wọn kù ní ìdá 40 nínú 100 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì ń fi eré ìdárayá tó le pá wọn lórí lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìdajì wọn ń jẹ purotéènì 1.2 fún kílò kan, ìdajì kejì ń jẹ 2.4. Àwọn ti 1.2 pàdánù ọ̀rá kílò 3.5, iṣan wọn sì wà bó ṣe wà. Àwọn ti 2.4 pàdánù ọ̀rá kílò 4.8, ara wọn tí kì í ṣe ọ̀rá tún fi kílò 1.2 pọ̀ sí i. Ọdún 2016 ni wọ́n gbé èsì náà jáde. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré sì ni, nítorí náà má ṣe retí pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ fún oṣù mẹ́fà. Àmọ́ ó tó láti fi gbà pé 1.8 sí 2.4 ló bá ẹni tó ń gé oúnjẹ kù mu, bí ó bá ń gbé irin.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo kílò tí òṣùwọ̀n ń kà ló yẹ kí o fi ṣe ìṣirò? Ọ̀rá kò bèèrè purotéènì bí iṣan ṣe ń bèèrè. Obìnrin kan tó ga ní mítà 1.65, tó wọn kílò 100, bí ó bá fi 2 sọ 100 di púpọ̀, 200 ló máa bọ́ sí. Kò sí ìdí fún un. Kí ó wá ìwọ̀n tó bá gíga rẹ̀ mu: 1.65 lọ́nà 1.65 lọ́nà 25, ìyẹn nǹkan bíi kílò 68. 68 lọ́nà 1.9 jẹ́ nǹkan bíi 130. Èyí ṣeé jẹ.

Ibi tí yóò ti rí 130 náà ló wá le. Ká ní kálórì 1,600 ló ń jẹ lóòjọ́. Bí ó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ nínú ẹ̀wà nìkan, á jẹ ẹ̀wà sísè tó lé ní kílò kan àbọ̀, kálórì rẹ̀ á sì lé ní 1,800. Ẹ̀pà ńkọ́? Kálórì rẹ̀ á sún mọ́ 2,900. Ẹran àyà adìẹ tí kò ní awọ kò ní tó 700. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà tó ń gbè ẹni tó ń kọ́ iṣan ló máa ń já ẹni tó ń dín ọ̀rá kù kulẹ̀. Kí ẹ̀wà wà nínú àwo obìnrin yìí o, mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń yóni. Ṣùgbọ́n ẹja, ẹyin àti ẹran tí kò lọ́ràá ni kó gbé èyí tó pọ̀ jù.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé purotéènì kò tó? Wo irin tí ò ń gbé. Bí òṣùwọ̀n bá ń já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú 100 ìwọ̀n rẹ lọ lọ́sẹ̀, tí irin tó o ń gbé nígbà mẹ́wàá wá di nígbà mẹ́fà, tí okùn ìwọ̀n ìbàdí kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, iṣan ló ń lọ. Bí ìbàdí bá ń kéré, tí irin kò sì wúwo sí i lọ́wọ́ rẹ, ọ̀rá ló ń lọ.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní àìsàn kò sí nínú gbogbo ìṣirò yìí. Nǹkan bíi 0.8 tàbí kó dín díẹ̀ ni dókítà sábà máa ń fi wọ́n sí bí wọn kò bá tíì máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ fún kíndìnrín kí o tó fi 2 sọ ìwọ̀n rẹ di púpọ̀.