Kí A Tó Béèrè Owó Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́, Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Afẹ́fẹ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ pé kí wọ́n fún òun lówó láti kan àpẹẹrẹ ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná, ìbéèrè kan ni àwọn olùkọ́ á kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí nínú rẹ̀: iná tó tó mélòó ni yóò mú wá? Ẹni tó bá kọ “kílówáàtì kan” síbẹ̀ torí pé ó dùn gbọ́, ó ti fi hàn pé òun kò tíì ṣírò nǹkan kan.

Ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn, tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ alápá mẹ́ta. Bí apá náà bá ń yí, òbìrí tó ń fà fẹ̀ tó mítà 2 láti etí kan dé ìkejì. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, lókè mítà 10, afẹ́fẹ́ kì í sábà sáré ju mítà 2 sí 4 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní mítà 3 ni. Agbára tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń gba inú òbìrí yẹn kọjá kò ju nǹkan bíi wáàtì 50 lọ. Ẹ̀rọ kankan kò sì lè gba gbogbo rẹ̀. Albert Betz, onímọ̀ ará Jámánì, ti fi ìṣirò hàn pé ó pẹ́ ó yá, ìdá 59 nínú 100 ni òpin, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó bá dúró pátápátá lẹ́yìn ẹ̀rọ á dínà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Bí ẹ̀rọ àfọwọ́ṣe bá rí ìdá 30 gbà, ó gbìyànjú. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa nìyẹn: wáàtì 15, tó lè tan gílóòbù kékeré kan tàbí méjì.

Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ní mítà 6, ẹ̀rọ kan náà á mú nǹkan bíi wáàtì 120 wá. Kó tó lè pé kílówáàtì kan, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tó mítà 12, irú èyí tó máa ń ṣáájú òjò ńlá. Ìdí nìyí tí lẹ́tà tó gbọ́n kì í fi ṣèlérí pé òun á tan iná sí ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ohun tó ń tọrọ ni owó láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tí a kàn á mú iye tí a ṣírò wá.

Ìṣirò yìí náà ló ń sọ ohun tó yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ owó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọtanétọ̀ mọ́tò síbẹ̀ torí pé tòkúnbọ̀ rẹ̀ kò wọ́n. Àmọ́ ní afẹ́fẹ́ mítà 3, apá ẹ̀rọ wa á yí bí ìgbà 140 ní ìṣẹ́jú kan, ọtanétọ̀ sì ń fẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gba bátìrì lójú. Jẹnẹrétọ̀ tó bá a mu ni èyí tí a fọwọ́ ṣe: àwo irin méjì tí a to òòfà líle sí lára, tí wáyà bàbà tí a ká róbótó wà láàárín wọn. Òòfà àti bàbà yìí ló máa ń kó èyí tó pọ̀ nínú owó náà lọ.

Báwo ni wọ́n á ṣe dán an wò níbi tí afẹ́fẹ́ ti rọra ń fẹ́? Wọ́n á dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ní àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí atẹ́gùn kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ máa sá kílómítà 18 ní wákàtí kan lójú títì tó dá páropáro. Mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn, ó sì yẹ kó mú bíi wáàtì 70 wá. Bí ó bá jẹ́ 30 ni mítà kà, tí apá sì ń wọ́ tìkọ̀tìkọ̀, ó ṣeé ṣe kí jẹnẹrétọ̀ wúwo ju agbára apá lọ. Bí apá bá ń sáré bó ṣe yẹ tí iná kò sì jáde, wáyà ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Kí wọ́n má sì gbàgbé ṣúìṣì tó lè so wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Òun ni bíréèkì, nítorí pé ẹ̀rọ tí kò ní ẹrù iná lórí á sáré débi pé apá lè já.

Ìyókù lẹ́tà kò le: kí ó gba ọwọ́ alábòójútó kọjá, kí ìwé iye owó ọjà tó ní déètì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó máa ń mú kí ẹ̀ka gbà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ pín owó náà sọ́nà méjì. Èkíní á ra òòfà àti bàbà nìkan, kí wọ́n fi ẹ̀rọ léètì tó wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù yí jẹnẹrétọ̀ náà ní ìgbà 140 ní ìṣẹ́jú kan. Bí fólìtì rẹ̀ kò bá tó láti gba bátìrì 12, ẹ̀ka kò ní san owó apá àti ti òpó.