Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Gba Ọjọ́ Mìíràn ní Ọ́fíìsì Pásípọ́ọ̀tù

Ìdánwò WAEC kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá kan ní Ìbàdàn ti sanwó pásípọ́ọ̀tù ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó sì ti mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, aago mẹ́wàá àárọ̀, láti mú un lọ sí ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n. Ìgbà tí wọ́n lẹ ìwé àkókò ìdánwò mọ́ ara ògiri ní ilé ẹ̀kọ́ ló rí i pé ọjọ́ yẹn gan-an, ní wákàtí yẹn gan-an, lọmọ náà máa jókòó ṣe ìdánwò Ìṣirò.

Kò sí bí ìyá ṣe lè lọ dípò ọmọ. Ìka ọmọ náà ni wọ́n máa tẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa yà ní fọ́tò, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa buwọ́ lùwé. Ìyá náà kò sì lè rán an lọ ní òun nìkan, torí ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú òbí àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà pé kí wọ́n fún àwọn ní ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ nírú àkókò báyìí kò ju èyí lọ: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ọmọ mi ní ìdánwò lọ́jọ́ tí ẹ ní ká wá, ẹ bá mi yí i padà. Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.” Ìkíni wà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, àdúrà náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òṣìṣẹ́ tó bá ṣí i máa rí. Kò mọ orúkọ ọmọ, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń fẹ́, kò sì sí nọ́ńbà kankan tó lè fi wá fáìlì náà. Kó tó lè ṣe ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé padà béèrè. Ó ṣeé ṣe kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó bọ́ sórí ìwé tó kàn, níbi tí ohun gbogbo ti pé.

Èmi ò sọ pé kéèyàn má kí òṣìṣẹ́. Ìkíni kan tó kúrú dára. Àmọ́ nọ́ńbà ni wọ́n fi ń rí ẹ̀dá lórí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí ẹ sanwó, méjì ló jáde fún yín: Application ID àti Reference Number. Ẹ ó rí méjèèjì lórí ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde lẹ́yìn ìsanwó. Ẹ dà wọ́n kọ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ sì fi ojú ka wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, torí bí ẹyọ nọ́ńbà kan bá ṣì, ó lè jẹ́ fáìlì ẹlòmíràn ló máa yọ, tàbí kí ohunkóhun má yọ rárá. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ bó ṣe wà lórí NIN. Bí ẹ bá ń pe ọmọ ní Báyọ̀ nílé, tó sì jẹ́ Adébáyọ̀ ló wà lórí NIN, Adébáyọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ.

Bí ìyá náà ṣe lè kọ tirẹ̀ nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀, nítorí náà ẹ lè ní kí ẹnì kan nínú ilé bá yín yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kí àkóónú rẹ̀ má yí:

“Sí Ọ̀gá Àgbà, Ọ́fíìsì Pásípọ́ọ̀tù, Ìbàdàn.

Ìbéèrè fún ọjọ́ mìíràn: Application ID …, Reference Number …

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni ìyá ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ … lórí NIN. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni a ní láti wá fún ìtẹ̀ka àti fọ́tò rẹ̀. Ó ní ìdánwò WAEC ní wákàtí yẹn. Ẹ̀dà ìwé àkókò ìdánwò rẹ̀ àti rìsíìtì owó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, tàbí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà. Bí méjèèjì kò bá ṣeé ṣe, ọjọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí lẹ́yìn wọn rọ̀ wá lọ́rùn. Nọ́ńbà fóònù mi ni …”

Ó tán. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọjọ́ méjì pẹ̀lú àyè fún ẹ̀kẹta ni pé ẹni tó bá dá ọjọ́ kan ṣoṣo lè gba èsì pé ọjọ́ yẹn ti kún, lẹ́tà á sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wò kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà jẹ́ ìsinmi ìjọba, Iléyá sì máa ń ti ọ́fíìsì pa. Ìdí tẹ́ ẹ bá sọ kò nílò ju gbólóhùn kan lọ bí ẹ̀rí bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ nìkan sì ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá tún ń fẹ́ yí ọ́fíìsì padà, láti Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta fún àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí, kí ìkejì má bàa dá àkọ́kọ́ dúró.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ímeèlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ọmọ kafé ló bá wọn kún fọ́ọ̀mù, tó sì fi ímeèlì tirẹ̀ síbẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ímeèlì orí fọ́ọ̀mù, ọwọ́ ẹni tí ẹ ò tún rí mọ́ ló máa bọ́ sí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ̀wé. Bí ímeèlì náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà, kí ẹ kọ èyí tí ẹ ń lò gan-an.

Bí ẹ bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, ọjọ́ àtijọ́ ṣì wà bó ṣe wà títí èsì yóò fi dé. Ẹ má gbà pé wọ́n ti yí i padà nítorí pé ẹ béèrè. Ohun tó lè fọkàn ẹni balẹ̀ ni èsì tó ní ọjọ́ tuntun nínú, ní kíkọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà pé “kò séwu, ẹ máa bọ̀,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún béèrè fún ìwé.

Nítorí náà ni mo fi gbà pé kí ìyá yìí mú ẹ̀dà lẹ́tà méjì lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ 12, yálà ó ti fi ímeèlì ránṣẹ́ tàbí kò tíì fi. Kó fi ẹ̀dà kan sílẹ̀, kó ní kí wọ́n lu sítáǹpù àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sórí ìkejì. Bí wọ́n bá wá sọ lẹ́yìn ọjọ́ náà pé ọmọ kò yọjú, ìwé onísítáǹpù yẹn ló máa fi hàn pé ó ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ní ìta ọ́fíìsì náà, ó lè pàdé ẹni tó máa ní kó san owó díẹ̀ kí òun lè bá a yí ọjọ́ padà, tàbí ẹni tó máa sọ pé owó àkọ́kọ́ ti jóná, kó tún sanwó mìíràn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, pásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32 ti di ₦100,000 ní Nàìjíríà. Kó má san kọ́bọ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Kó mú rìsíìtì rẹ̀ wọlé, kó sì bi òṣìṣẹ́ tó wà lórí tábìlì léèrè ohun tí Reference Number náà ń fi hàn lórí ẹ̀rọ.