Ohun Tí À Ń Pè Ní Ọnbọ́dìǹgì

Ní ọ́fíìsì wa ní Akodessewa, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn ọ̀gá wa: ọnbọ́dìǹgì. Àwọn kan rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni, tí wọ́n á fi tábìlì hàn yín, tí wọ́n á sì mú yín kí gbogbo ọ́fíìsì. Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré. Ọnbọ́dìǹgì ni gbogbo àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, títí di ìgbà tí ẹ ó lè dá fáìlì kan ṣe tí ẹnikẹ́ni kò ní máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn yín. Ilé iṣẹ́ ló ni ojúṣe rẹ̀.

Ti ìwé ló máa ń tètè parí. Wọ́n á forúkọ yín sílẹ̀ ní CNSS, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ ní Tógò. Ẹ béèrè nọ́ńbà yín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an ló ń pẹ́. Bí ẹrù bá dé èbúté Lomé, àwa là ń kéde rẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè lórí SYDONIA. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló sì ń sọ iye tí oníbàárà á san. Láti ọdún 2015 ni owó ibodè àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti pín sí ìpele márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ọjà tó tó mílíọ̀nù 10 sẹ́fà wà ní ìpele 20, owó ibodè rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2. Bí ẹ bá ṣèèṣì yan nọ́ńbà tó wà ní ìpele 5, ẹ ó kọ 500,000. Bí aṣọ́bodè bá rí i, oníbàárà á san èyí tó kù, ó sì lè san owó ìtanràn lé e.

Ìdí nìyí tí a kì í fi jẹ́ kí ẹni tuntun dá kéde ẹrù. Ẹ ó kọ́kọ́ jókòó ti ẹnìkan, kí ẹ wo bó ṣe ń yan nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin á yan tiyín sórí ìwé, a ó sì fi wé tirẹ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ. Nígbà tí méjèèjì bá ń bára mu léraléra, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, òun á sì kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé yín fún SYDONIA kò bá tíì jáde, ẹ dúró dè é. Ẹ má fi ti ẹlòmíràn wọlé, ẹni tó bá rọ̀ yín láti ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣe yín lóore: orúkọ oníǹkan ló máa wà lórí àṣìṣe yín.

Ẹ ó mọ̀ pé nǹkan kò lọ dáadáa bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ẹ kò tíì mọ ẹni tó yẹ kí ẹ bi nígbà tí nọ́ńbà méjì bá jọra. Ẹ tètè wá sọ fún mi. Ní tèmi, ẹni tuntun tí kò béèrè nǹkan kan ló ń bà mí lẹ́rù jù.