Lẹ́tà Ọ̀gá Lórí Àkókò Iṣẹ́ Tuntun

Ká mú ilé ìtajà kan n'Íbàdàn, níbi tí àwọn ará àárọ̀ ti ń ṣíwọ́ ní aago 2 géérégé tí àwọn ará ọ̀sán ń wọlé. Bí owó bá dín, kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ ẹni tó ti dín. Ariwo ló kù.

Ọ̀gá wá kọ lẹ́tà sí wọn: ẹni méjì á ṣiṣẹ́ láti aago 7 àárọ̀ sí 3 ọ̀sán, ẹni méjì láti aago 1 sí 9 alẹ́. Láàárín aago 1 sí 3, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ará àárọ̀ kan á lọ jẹun fún ìṣẹ́jú 45, èkejì á tẹ̀ lé e. Tó bá di aago 2:30, gbogbo wọn á jọ ka owó, wọ́n á sì fọwọ́ síwèé.

Wọ́n á ti gba ìsinmi ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, kó lè pé wákàtí kan. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá wà níbi iṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Àwọn ará ọ̀sán á gba tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní aago 3 àti 4, kí èrò ìrọ̀lẹ́ tó dé.

Ibi tó lè dàrú kò ju ẹyọ kan lọ: bí ará ọ̀sán bá pẹ́ dé, oúnjẹ ará àárọ̀ ló máa pẹ́.