Owó Òṣìṣẹ́ Tó Kú: Àpò Wo Ló Wà?

Owó kan wà tí òṣìṣẹ́ kì í rí lórí ìwé owó oṣù rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ náà kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀ títí tí ikú á fi wọlé. Òfin ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti ọdún 2014 ló pa á láṣẹ. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ ra ètò adójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí ohun tí wọn yóò san tí ọ̀kan nínú wọn bá kú má sì dín sí ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó tí onítọ̀hún ń gbà lọ́dún. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ìdí ẹ̀rọ ló kú sí. Ibà lè pa á sílé, ó ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn lọ́jọ́ tó kú. Agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń san owó ètò yìí. Wọn kì í yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù fún un. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í hàn lórí ìwé, ìdí nìyẹn náà tí ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń gba owó ìsìnkú lọ́wọ́ ọ̀gá, tí wọ́n á dúpẹ́, tí wọ́n á sì rò pé ó parí.

Ká mú ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ńlá kan n'Íbàdàn, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nítorí pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í de ilé iṣẹ́ aládàáni. Ká ní ₦150,000 ló ń gbà lóṣù, ó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà. Ìyàwó kan àti ọmọ méjì ló fi sílẹ̀.

Owó iṣẹ́ tó ti ṣe ni ẹbí á kọ́kọ́ béèrè. Tí a bá pín owó oṣù náà sí ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ mọ́kàndínlógún á jẹ́ ₦95,000. Tí gbèsè owó oṣù bá wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á rò ó mọ́ ọn. Òfin òṣìṣẹ́ sọ pé ikú ń fòpin sí àdéhùn iṣẹ́, àmọ́ ó sọ bákan náà pé ikú kò pa ẹ̀tọ́ àwọn tó dúró fún olóògbé rẹ́. Ọ̀gá tó bá ní "ẹni tó ni owó ti kú" ń sọ ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni owó adójútòfò. ₦150,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦1,800,000. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦5,400,000. Ìbéèrè tó yẹ kí opó kọ sí ilé iṣẹ́ kò gùn: ilé iṣẹ́ adójútòfò wo lẹ ra ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni nọ́ńbà ìwé rẹ̀, ìgbà wo sì ni ẹ san owó rẹ̀ kẹ́yìn? Tí wọ́n bá dáhùn pé àwọn ò rà á rárá, tàbí pé àwọn gbàgbé láti san owó ọdún yìí, ìdáhùn yẹn kò gbà wọ́n sílẹ̀. Òfin kan náà sọ pé agbanisíṣẹ́ tí kò san owó ètò nígbà tó yẹ ni yóò fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tí wọn yóò fi san ohun tó tọ́ sí ẹbí ẹni tó kú láàárín àkókò náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìdáhùn wọn sórí ìwé.

Àpò kẹta kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mọ́, tí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́. Lóṣooṣù, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó olóògbé ni wọ́n ń yọ, agbanisíṣẹ́ á sì fi ìdá 10 kún un. Fún ọkùnrin wa, ₦12,000 àti ₦15,000 nìyẹn, ìyẹn ₦27,000. Tó bá jẹ́ iye owó oṣù yìí ló ti ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, oṣù méjìléláàádọ́rin ti kó ₦1,944,000 jọ, láìka èrè tó ti mú wọlé. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN ni ẹ máa wá nínú ìwé rẹ̀ tàbí lórí fóònù rẹ̀; òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà. Ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì, kí ẹ sì fi wé ìwé owó oṣù rẹ̀. Ibẹ̀ ni jìbìtì máa ń fojú hàn: wọ́n yọ ₦12,000, ṣùgbọ́n àkáǹtì ò rí i. Ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn tí wọ́n san owó oṣù ni òfin fún wọn láti fi í ránṣẹ́, owó ìtanràn sì wà fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi pẹ́. Àjọ PenCom lẹ máa fi ẹjọ́ sùn.

Gírátúítì ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi gbẹ̀yìn, nítorí òun làwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ pariwo lé lórí, òun sì ni kò dájú jù. Kò sí òfin gbogbogbòò tó ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni san án. Ó di ẹ̀tọ́ tó bá wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, nínú ìwé ìlànà ilé iṣẹ́, tàbí nínú àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọn ṣe. Tí kò bá sí níbẹ̀, àánú ni. Bẹ́ẹ̀ opó lè fi oṣù mẹ́fà jà lórí gírátúítì tí kò sí, kó má béèrè mílíọ̀nù márùn-ún tó wà.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló pa ọkùnrin yìí ńkọ́? Nígbà náà, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn mìíràn ní àjọ NSITF: opó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù olóògbé, lóṣooṣù. Ọdún kan sí ọjọ́ ikú ni kí wọ́n ti kọ̀wé béèrè.

Ó wá ku ta ni yóò gbà á. Ká ní àpọ́n ni ọkùnrin wa nígbà tó wọṣẹ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sì fi orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Ó gbéyàwó, ó bímọ, kò pààrọ̀ rẹ̀. Lórí owó ìfẹ̀yìntì, àbúrò kọ́ ló ṣíwájú: òfin ní kí wọ́n tẹ̀lé ìwé ìhágún tó bá wà, tàbí kí wọ́n san án fún ìyàwó àti ọmọ, kó tó kan ìbátan tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí tó ń ronú ìdí-igi àti orí-ò-jorí, nínú àṣà tí aya kì í ti í jogún ọkọ, kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ti adójútòfò yàtọ̀: ẹni tí wọ́n dárúkọ pé kó gba owó náà ni ilé iṣẹ́ adójútòfò ń san án fún. Nítorí náà, ẹ béèrè ohun tí fọ́ọ̀mù náà sọ gan-an. Bóyá ó ní kí àbúrò gba owó ni, tàbí ó kàn ní òun ni kí wọ́n pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n pè kò tíì di olówó.

Ìwé tó ń ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpò yìí ni èyí tí ẹ̀ka pùróbéètì nílé ẹjọ́ gíga ń fún ẹni tí yóò bójú tó ohun ìní olóògbé. Ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, àkọsílẹ̀ ohun tó ní, àti àwọn onídùúró lẹ máa kó lọ. Wọ́n á polongo rẹ̀ bóyá ẹnì kan á ta kò ó, owó wọn sì máa ń tẹ̀lé bí ohun ìní náà bá ṣe pọ̀ tó. Ó ń pẹ́, pàápàá tí ẹbí bá ń jà.

Kó tó parí, ilé iṣẹ́ lè gbé ìwé wá pé kí opó fọwọ́ sí i pé òun ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ ọkọ òun. Tó bá jẹ́ ₦95,000 ló gbà, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó oṣù kẹfà nìkan ni. Tí wọ́n bá kọ̀, kó dá ìwé wọn padà láìfọwọ́ sí i, kó sì gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀ràn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ owó iṣẹ́ àti ti owó ìfẹ̀yìntì pa pọ̀, ìwé pùróbéètì yẹn náà sì ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.