Páálí Tó Ń Pín Iṣẹ́ Ilé Fọ́mọ

Àwa tá a máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábọ́n Gàrí, Kánò, ẹ gbọ́ o. Ẹ gé páálí róbótó méjì, ńlá kan, kékeré kan. Ẹ ya ìgbálẹ̀, abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì omi sétí ńlá, kí èyí tí ò tíì mọ̀wé lè dá a mọ̀. Ẹ kọ orúkọ ọmọ mẹ́ta sí kékeré, ẹ fi ìṣó kàn án sáàárín ńlá. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ yí kékeré lẹ́ẹ̀kan: ẹni tó gbálẹ̀ á bọ́ sórí abọ́, ẹni tó fọ abọ́ á bọ́ sórí omi. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti kárí.

Àmọ́ tọ́mọ ọdún 6 ò bá lè gbé kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀gbọ́n ló máa gbé e, ìjà dé nìyẹn. Ẹ yọ omi kúrò, kó jẹ́ ti àgbà. Ẹ fi aṣọ kíká rọ́pò rẹ̀.