Híìtì Pọ́ǹpù àti Híítà Oníwáyà: Ohun Tí COP Ń Sọ Nípa Owó Iná Yín

Ìwé yìí wà fún àwọn ará ilé ní ilẹ̀ Bìrìtéènì tó jẹ́ pé iná mànàmáná nìkan ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná, pàápàá àwọn tó ń gbé fúlátì tí gáàsì kò dé. Bí wọ́n bá fi híìtì pọ́ǹpù lọ̀ yín, tàbí tí ẹ bá kó lọ sí ilé tó ti ní ọ̀kan, nọ́ńbà kan wà nínú ìwé ẹ̀rọ náà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá. COP ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí híítà tí gbogbo wa mọ̀. Ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, èyí tó ní òróró nínú tàbí èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Iná ń gba inú wáyà kọjá, wáyà ń gbóná, ooru ń jáde sínú yàrá. Yúnìtì iná kan, èyí tí mítà yín ń kọ ní kWh, ń di yúnìtì ooru kan, kò dín, kò lé. COP rẹ̀ jẹ́ 1. Nítorí náà, bí ìpolówó bá sọ pé híítà £400 tó ní amọ̀ tàbí òkúta nínú kì í jẹ iná tó híítà £30, ẹ má tètè gbà. Ó lè ní aago àti tẹmọsítáàtì tó péye jù, ìyẹn sì lè ràn yín lọ́wọ́ láti má ṣe tàn án nígbà tí ẹ kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru tó ń jáde nínú yúnìtì kan kò yàtọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Híìtì pọ́ǹpù kì í fi iná ṣe ooru bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ kó ooru wá ni. Fíríìjì inú ilé ìdáná yín ń ṣe irú rẹ̀: ó ń kó ooru kúrò lára oúnjẹ, ó sì ń tú u síta láti ẹ̀yìn. Nínú híìtì pọ́ǹpù, ohun olómi kan wà tó máa ń hó di gáàsì nínú òtútù. Afẹ́fẹ́ ìta, kódà tó bá tutù bíi 2°C, ṣì ní ooru tó lè mú un hó. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á wá fún gáàsì náà pọ̀, ooru rẹ̀ á ga, á sì gbé e fún omi tó ń lọ sínú àwọn rédíétọ̀ yín. Iṣẹ́ kíkó àti fífún yìí nìkan ni ẹ ń sanwó iná fún. Bí ẹ̀rọ bá jẹ yúnìtì iná 1 tó sì gbé yúnìtì ooru 3 wọlé, COP rẹ̀ jẹ́ 3.

Ká gbé e sórí owó. Ẹ jẹ́ ká mú fúlátì kan tó nílò yúnìtì ooru 6,000 lọ́dún, ká sì ka yúnìtì iná kan sí pẹ́ńsì 25. (Iye tí ẹ ń san gan-an wà nínú bíìlì yín, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Ofgem máa ń yí iye tó ga jù padà.) Híítà oníwáyà á jẹ yúnìtì 6,000, owó rẹ̀ á sì jẹ́ £1,500. Híìtì pọ́ǹpù tí COP rẹ̀ jẹ́ 3 jálẹ̀ ọdún á jẹ yúnìtì 2,000, ìyẹn £500.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà kì í sábà ṣàlàyé ohun tó tẹ̀ lé èyí. Láti COP 1 sí 2, ẹ ó fi £750 pamọ́. Láti 2 sí 3, £250 ni. Láti 3 sí 4, £125 péré ni. Èrè tó pọ̀ jù wà níbi kíkúrò lórí híítà oníwáyà. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ san ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn kún owó yín nítorí pé ẹ̀rọ tirẹ̀ jẹ́ 4 dípò 3, ẹ ṣírò iye ọdún tí owó náà yóò fi padà wọlé fún irú ilé tí ẹ ń gbé.

COP kan ṣoṣo kò sí fún ẹ̀rọ kan. Bí ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ gbé ooru gbà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á ṣe ṣiṣẹ́ tó. Bí ẹ bá rí A7/W35 nínú ìwé ẹ̀rọ, 7 ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ìta, 35 sì ni ìwọ̀n omi tó ń lọ sínú rédíétọ̀. Ọjọ́ tó rọrùn nìyẹn, ibẹ̀ ni nọ́ńbà tó dùn ún wò máa ń wà. Ẹ wo ìlà A-7/W55 náà, níbi tí ìta ti tutù gan-an tí omi sì gbóná gan-an. COP ẹ̀rọ kan náà lè bọ́ sí nǹkan bíi 2 níbẹ̀. Èyí tí ẹ lè fi ṣírò owó ọdún ni SCOP, torí ó ka gbogbo ìgbà òtútù pọ̀.

Ìta kò sí lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n omi wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n kan, ìyẹn 1°C, dín ooru omi kù, iná tí ẹ̀rọ ń jẹ sábà máa ń dín ní nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń fi rédíétọ̀ tó tóbi sí i: omi 40°C nínú rédíétọ̀ ńlá lè mú yàrá gbóná tó omi 60°C nínú kékeré. Kó má yà yín lẹ́nu bí rédíétọ̀ bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́. Bí yàrá bá ti gbóná tó, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí bọ́ílà gáàsì ti mọ́ lára a máa rò pé ó bàjẹ́, á wá yí omi sókè, owó á sì gun òkè pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó ń ba owó jẹ́ jù ni híítà oníwáyà tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Ká ní òun ló ń ṣe ìdá 10 nínú 100 lára ooru fúlátì wa. Yúnìtì ooru 5,400 tó kù á jẹ yúnìtì iná 1,800 ní COP 3. 600 ti híítà náà á jẹ 600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,400, ìyẹn £600. Ìdá kékeré yẹn ti fa COP láti 3 sí 2.5. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ bóyá `Boost` tàbí `Immersion` ń tàn; bí iye tí mítà ń fi hàn bá sì ṣàdédé fò sókè ní nǹkan bíi 3 kW, òun náà nìyẹn. Kò burú kó tàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti pa kòkòrò àrùn inú táńkì omi gbígbóná. Ojoojúmọ́ ló burú.

Ní òwúrọ̀ tútù, ẹ lè rí èéfín funfun lára ẹ̀rọ ìta, kí ooru sì dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Yìnyín ara rẹ̀ ló ń yọ́; kì í ṣe iná, ẹ má pe ẹnikẹ́ni fún un.

Àwọn tó ní gáàsì kò gbọdọ̀ gbé ìṣirò wa yìí lé ara wọn láìṣàtúnṣe. Bí gáàsì bá jẹ́ pẹ́ńsì 6, tí bọ́ílà sì ń lo ìdá 90 nínú 100 rẹ̀, híìtì pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 3.75 kí owó méjèèjì tó dọ́gba.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fi yúnìtì ooru àti yúnìtì iná hàn lójú ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ yọ ti oṣù tó kọjá kúrò, kí ẹ sì fi iná pín ooru. Bí oṣù January bá fún yín ní ohun tó kéré sí 2.5, ẹ pe ẹni tó gbé e kalẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n omi tó ṣètò rẹ̀ sí.